Pupa Kan Ṣoṣo: Ìwé Àwọ̀ fún Káátúùnù Kan láti Ilẹ̀ Bùnú

Ní ilẹ̀ Bùnú, lápá ìwọ̀-oòrùn Kogí wa níbí, aṣọ kan wà tí ojú kì í rí lójoojúmọ́. Aṣọ ìpò ni. Pupa ni, inú àpótí ló sì ń gbé títí olóyè kan yóò fi papòdà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe òkú olóyè ni wọ́n ń gbé e síta kí ìlú rí i. Àwọn eégún kan pẹ̀lú ń gbé e wọ̀. Aṣọ funfun wà, ti àwọn ẹ̀mí nìyẹn. Aṣọ dúdú wà, ti ìgbéyàwó nìyẹn. Ṣùgbọ́n pupa kì í ṣàdédé jáde.

Aṣọ yìí ni ìdí káátúùnù kúkúrú tí èmi àti àbúrò kan tó wà ní Ìsánlú jọ ń ṣe. Kò ní ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Ọmọbìnrin kékeré kan ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà. Bàbá àgbà, tó jẹ́ olóyè, ṣàìsàn, ó sì kú. Ọmọ náà kò sunkún, kò tilẹ̀ yé e pé ó yẹ kí òun sunkún. Lọ́jọ́ ìsìnkú ó gba ẹ̀yìnkùlé yọ sí ojúde, ó rí i tí wọ́n ta aṣọ pupa bo iwájú ilé, ibẹ̀ ló ti mọ ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ jẹ́ lójú ìlú. Ẹkún bá dé. Bí ojú òǹwòran kò bá gbọ̀n rìrì pẹ̀lú ojú ọmọ yẹn nígbà tó kọ́kọ́ kan aṣọ náà, a ò ṣe nǹkan kan.

Kí àwòrán kankan tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, a máa ń kọ́kọ́ ya ohun tí àwọn oníkáátúùnù ń pè ní kọ́lọ̀ sikíríìpù. Ìwé àwọ̀ ni èmi ń pè é. Àwọn àwòrán kéékèèké ni, tí a tò tẹ̀lé ara wọn láti òsì lọ sí ọ̀tún, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ibi pàtàkì kan nínú ìtàn. Kò sí ojú nínú rẹ̀, kò sí imú, kò sí ewé lórí igi. Ilẹ̀, ojú ọ̀run, ara ènìyàn àti ìmọ́lẹ̀ nìkan ni, tí a fi àwọ̀ pẹlẹbẹ mélòó kan gbé kalẹ̀. Sítọ́rìbọ́ọ̀dù ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Ìwé àwọ̀ kò dá sí ìyẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi hàn bí àwọ̀ yóò ṣe máa yí padà bí ọkàn ìtàn ṣe ń yí padà, kí a lè wo fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìwò kan ṣoṣo.

Nínú káátúùnù tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, orúkọ Ralph Eggleston ló máa ń kọ́kọ́ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni olùdarí iṣẹ́ ọnà fún Toy Story, tí Pixar gbé jáde lọ́dún 1995, pásítẹ́ẹ̀lì ló sì fi ya ìwé àwọ̀ rẹ̀ sórí pépà. Lou Romano ló ya ti Up, tó jáde lọ́dún 2009. Ẹni tó bá ti wo Up á rántí bí àwọ̀ ṣe ṣá nílé bàbá arúgbó náà lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú. Wọ́n ti fi pupa kan tó fẹ́ jọ àlùkò ṣe àwọ̀ ìyàwó yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, débi pé bí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ bá yọjú nígbà tó ti kú, òun ló ń mú wá sí ọkàn.

Ohun tí mo kọ́ lára irú iṣẹ́ yẹn, tí mo sì gbà gbọ́ gidigidi, ni pé àwọ̀ kan kò lágbára ní òun nìkan. Ohun tí ojú ti ń wò bọ̀ ṣáájú ló ń fún un lágbára. Nítorí náà, iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ìwé àwọ̀ ni mímọ ohun tí a ó fi pamọ́, ibi tí a ó fi pamọ́ dé, àti ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ títí àsìkò rẹ̀ yóò fi tó. Àwọn tó ní aṣọ ìpò ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe káátúùnù.

Ìṣòro tiwa ni pé ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ pupa. Bí ènìyàn bá gbéra ní Kàbbà tó ń lọ sí ìhà Bùnú, erùpẹ̀ pupa ni lẹ́bàá títì, ògiri alámọ̀ pupa, páànù orí ilé tó ti dípẹtà náà ń pọ́n. Bí mo bá ya ìlú yìí bó ṣe wà, òǹwòran á ti rí pupa yó kí aṣọ tó jáde nínú àpótí.

Èrò tó kọ́kọ́ wá ni pé kí ìtàn ṣẹlẹ̀ nígbà òjò, kí ewé tútù wà níbi gbogbo, kí aṣọ pupa sì yọ láàárín rẹ̀. Pupa àti ewé kọjú síra wọn nínú agbo àwọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì sọ pé ìyẹn ni yóò jẹ́ kí pupa hàn jù. Ó dára lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò.

Krita, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, la fi ń ya ìwé àwọ̀, nọ́ńbà mẹ́ta ló sì fi ń sọ àwọ̀ kan fún wa: irú àwọ̀ tó jẹ́, láti 0 dé 360, bí àwọ̀ náà ṣe kún tó, láti 0 tó ti ṣá pátápátá dé 100 tó kún dẹ́nu, àti nọ́ńbà kẹta, tí wọ́n ní ó jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀. Pupa tí a yàn fún aṣọ ni `#A81E22`. Irú rẹ̀ jẹ́ 358, ó kún dé 82, nọ́ńbà kẹta rẹ̀ sì jẹ́ 66. Ewé ìgbà òjò tí a yàn ni `#3F6B2A`, nọ́ńbà kẹta rẹ̀ jẹ́ 42. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà yìí gbọ́ á rò pé ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì jìn síra dáadáa.

Irọ́ ni nọ́ńbà kẹta yẹn ń pa fún ojú. Ohun tó ń wọ̀n kò ju èyí tó ga jù nínú pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tí sikíríìnì pò pọ̀. Ojú ènìyàn kì í wò bẹ́ẹ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń gbà lára sikíríìnì, apá àwọ̀ ewé ń kó nǹkan bí ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún, pupa ń kó bí 21, búlúù ń kó bí 7. Bí a bá fi ìṣirò yẹn wọ̀n ọ́n, lórí òṣùwọ̀n tí dúdú jẹ́ 0 tí funfun jẹ́ 100, pupa aṣọ wa bọ́ sí 37, ewé bọ́ sí 41. Ilẹ̀ pupa tí òjò rọ̀ sí, `#9C4A2F`, bọ́ sí nǹkan bí 42. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ẹgbẹ́ ara wọn.

Èyí rọrùn láti fojú rí. A máa ń fi léyà kan, ìyẹn ìpele àwòrán kan, lé orí gbogbo iṣẹ́, a á kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ eérú `#808080`, a á sì yí ìṣe léyà náà sí `Color`. Gbogbo àwòrán á di aláìláwọ̀ lójú kan náà, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni yóò kù. Nínú àwòrán ìgbà òjò, ìgbà tí a tan léyà yẹn, aṣọ ìpò wọ inú igbó lọ. Ilẹ̀, ewé àti aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ di eérú kan náà, apá tí aṣọ ti parí tí igi ti bẹ̀rẹ̀ kò rọrùn láti mọ̀. Bí a bá pa léyà náà, pupa á padà wá, ṣùgbọ́n etí aṣọ á máa gbọ̀n lójú bí ẹni pé ó ń yọ́, nítorí ojú rí àwọ̀ méjì tó yàtọ̀ gan-an láìrí ìmọ́lẹ̀ tí yóò fi pààlà sáàárín wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára ewé lè má tilẹ̀ rí aṣọ náà dáadáa, irú wọn sì wà láàárín wa, pàápàá nínú àwọn ọkùnrin.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé ìtàn lọ sí ìgbà ọyẹ́.

Ẹni tó bá ti lo oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́ ní ìhà yìí mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe. Eruku á gba ojú ọ̀run. Àwọn òkè àpáta tó yí wa ká, tí à ń rí kedere nígbà òjò, á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ojú ọ̀run, èyí tó jìn jù á ṣá jù, títí wọn yóò fi pòórá. Òjìji tó máa ń dúdú tẹ́lẹ̀ á ṣá, nítorí eruku ń tú ìmọ́lẹ̀ ká sínú rẹ̀. Eruku á bo orí páànù àti ewé tó kù lórí igi. Ohun gbogbo á súnmọ́ ara wọn, wọn á sì fà sí àwọ̀ eérú tó ní ìyeyè díẹ̀ nínú. Mi ò ní láti purọ́ nípa ilẹ̀ wa kí n tó lè mú pupa kúrò lára rẹ̀. Ọyẹ́ ń ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́dọọdún.

Ilẹ̀ ọyẹ́ tí a yàn fún àárín ìtàn ni `#B8A98F`. Irú rẹ̀ jẹ́ 38, ó kún dé 22 péré, nọ́ńbà kẹta rẹ̀ sì jẹ́ 72. Ẹ tún wo bí nọ́ńbà kẹta ṣe ń tan ni: 72 fún ilẹ̀, 66 fún aṣọ, bí ẹni pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ṣùgbọ́n lójú ènìyàn, ilẹ̀ wà ní 70, aṣọ wà ní 37. Bí a bá tan léyà eérú, aṣọ á dúró gbọnin-gbọnin níwájú ilé, ó dúdú, etí rẹ̀ mú. Ìmọ́lẹ̀ ti gbé e yọ kí pupa tó dá sí i. Ibi tí mo ti mọ̀ pé a ti rí ọ̀nà nìyẹn.

Àwòrán 12 ló wà nínú ìwé àwọ̀ wa. Aṣọ jáde ní ìkẹsàn-án. Láti èkíní dé ìkẹjọ, ilẹ̀ ń ṣá díẹ̀díẹ̀: ní èkíní ó kún dé 34, nígbà tó fi máa dé ìkẹjọ ó ti bọ́ sí 12. Nǹkan bíi 3 ló ń dín kù láti àwòrán kan sí èkejì, òǹwòran kò sì ní mọ̀, nítorí ojú máa ń bá ohun tó ń wò mọ́ra. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọ̀ tó ṣá fún ìṣẹ́jú mẹ́ta á gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Pupa tó kún dé 82 á wá kọlù ú bí ẹni pé ó kún dé 100. Ìdí nìyí tí a kò fi lo pupa tó gbóná jù tí sikíríìnì lè gbé. Irú ìyẹn kì í jọ aṣọ mọ́, iná ni í jọ.

Fífi pupa pamọ́ nínú ilé Yorùbá kò rọrùn, èyí ló sì fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti àbúrò mi. Nínú àwòrán kẹta, ìyá àgbà ń dáná. Àbúrò mi ti ya ìkòkò ọbẹ̀, epo léfòó lórí rẹ̀, ó pọ́n dáadáa. Mo ní kó yọ epo kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ilé ìyá àgbà yóò ṣe wà láìsí epo pupa? Àwọn ará ilé á mọ̀ pé irọ́ ni."

Ó jàre. Mi ò fẹ́ ọbẹ̀ funfun tí ẹnikẹ́ni kì í sè. A wá gbé ọmọrí lé ìkòkò, a fi iyán síwájú, tó funfun tó ń yọ ooru. Epo wà nínú ìkòkò, ojú kò rí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe àwọn yòókù: ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn bàbá àgbà di sẹ̀gi dípò iyùn, báfù pupa tó wà lẹ́bàá kànga di ti aláwọ̀ eérú. Kò sí èyí tó ń ba òtítọ́ ilé jẹ́ nínú wọn. A kàn ń yàn láàárín ohun tó wà nílé ni.

Alẹ́ ọjọ́ ikú, ní àwòrán kéje, ló le jù. Àtùpà elépo ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ àtùpà pọ́n, á sì bo gbogbo yàrá: ògiri, ara ènìyàn, aṣọ funfun tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ á di ọsàn. Àwọ̀ tí nǹkan ní lára ti ara rẹ̀ kọ́ ni ojú ń rí, èyí tí iná tó tàn sí i bá fi sílẹ̀ ni. Bí àtùpà bá tàn ní ìkéje, ara òǹwòran á ti gbóná kí ìkẹsàn-án tó dé. Àbúrò mi ló rí ojútùú rẹ̀: ta ló ṣì ń tan àtùpà elépo lábúlé lóde òní? Iná alágbára bátìrì, tí wọ́n ń fi sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ gba agbára sí, ni wọ́n ń gbé kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun, ó fà sí búlúù, ó sì tutù. Yàrá ikú wa di funfun àti búlúù tó ṣá. Ojú bàbá àgbà bá iná yẹn mu ju bó ṣe lè bá àtùpà mu lọ.

Ohun kan wà tí ìwé àwọ̀ kò lè dá ṣe. Kò lè sọ fún àlejò ohun tí pupa jẹ́. Ọmọ Bùnú rí aṣọ ìpò, ó mọ̀ pé iyì ni, pé ẹni ńlá ló lọ. Ẹni tó wá láti ibòmíràn lè rò ó sí ẹ̀jẹ̀ tàbí ewu, ẹ̀rù á sì bà á níbi tó yẹ kó wú u lórí. Inú ìtàn fúnra rẹ̀ la ti ní láti kọ́ ọ, láìná pupa náà tán. Ohun tí a ṣe ni pé, ní àwòrán kejì, ìyá àgbà jókòó ti ọmọ náà, ó ń tú òwú lára búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan. Bí wọ́n ṣe máa ń rí òwú pupa aṣọ ìpò náà láyé àtijọ́ nìyẹn: wọ́n á tú aṣọ òkèèrè, pàápàá irú búláńkẹ́ẹ̀tì pupa tó wà ní ọsibítù, wọ́n á sì fi òwú rẹ̀ hun aṣọ tuntun. Búláńkẹ́ẹ̀tì náà wà lẹ́yìn ìyá àgbà, nínú òjìji, ó dúdú. Òwú kan ṣoṣo ló ń tàn lórí ìka rẹ̀. Kò gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán náà. Ọmọ náà fẹ́ fọwọ́ kàn án, ìyá àgbà rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Láti ibẹ̀ dé ìkẹsàn-án, pupa kò tún yọjú mọ́. Òǹwòran ti mọ̀ pé ohun tí a kì í fọwọ́ kàn lásán ni, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni là á ní ọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí tí iṣẹ́ ti ń kúrò nínú Krita bọ́ sínú Blender, ètò tí a fi ń mú àwòrán rìn, ohun méjì ló gba ìṣọ́ra. Èkíní ni pé láti ìgbà tí Blender 4.0 ti jáde lọ́dún 2023, `AgX` ló máa ń fi gbé àwọ̀ síta bí ènìyàn kò bá yí i padà. Ó dára fún iṣẹ́ tó fẹ́ jọ fọ́tò, nítorí ó ń rọ àwọ̀ tó bá kún jù lójú kí ó má baà jó. Ṣùgbọ́n pupa tí a ti fi sùúrù yàn náà ló ń rọ̀ lójú. Bí a bá fi àmì tó ń gba àwọ̀ kan aṣọ nínú àwòrán tí Blender gbé jáde, tí a kò rí `#A81E22` tàbí ohun tó súnmọ́ ọn, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Fún iṣẹ́ pẹlẹbẹ bíi tiwa, `Standard` ni a yí `View Transform` sí. Èkejì ni fóònù. Ọ̀pọ̀ ará wa ni yóò wo káátúùnù yìí lórí fóònù, níta, pẹ̀lú oòrùn lójú sikíríìnì. Mo gbé ìwé àwọ̀ náà sórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kan, mo dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, mo jáde lọ́sàn-án. Aṣọ hàn. Òkè tó wà lẹ́yìn ilé ní àwòrán kìíní kò hàn rárá, ó sì ti bá ojú ọ̀run dọ́gba. Mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, nítorí ọyẹ́ gidi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìtàn kò sì nílò òkè yẹn láti yéni.

Ibi tí a ṣì ti ń jiyàn ni àwòrán kejìlá. Wọ́n ti ká aṣọ padà sínú àpótí, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Àbúrò mi fẹ́ kí ilẹ̀ padà sí 34 tí a fi bẹ̀rẹ̀, kí ìtàn lè yí po. Èmi kò gbà. Ọmọ tó ti rí aṣọ ìpò níwájú ilé rẹ̀ kò tún lè rí ilẹ̀ bó ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀. Mo ti gbé ilẹ̀ náà dé 45, mo sì ti fa irú rẹ̀ láti 38 sún mọ́ 24, kí pupa ilẹ̀ wa gan-an, èyí tí a ti ń fi pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ó ní ó pọ̀ jù, pé bí ilẹ̀ bá kún dé 38, ó ti tó. A ó fi méjèèjì sórí fóònù yẹn, a ó wò wọ́n níta lójú oòrùn, lẹ́yìn ìkẹsàn-án ní tààrà, nítorí ibẹ̀ ni òǹwòran yóò ti máa bọ̀.